Orí Ló Yẹ Kó Gba Ààyè: Bí A Ṣe Ń Gé Dípíì Tí Yóò Wọ Inú Òbìrìkìtì

Ní Sátidé kan, àǹtí mi lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Léèsì aláwọ̀ aró ni aṣọ ẹbí wọn, gèlè sì jẹ́ aṣọ òkè pupa, tí ẹni tó wé e tò ní ìpele ìpele títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó èjìká. Kí ó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti mú ọ̀kan nínú àwòrán tí ayàwòrán fi ránṣẹ́ sí i, ó ti fi ṣe dípíì WhatsApp rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi pè é.

"Ẹ kú ìnáwó àná o, Màmá. Ta lẹ gbé sí dípíì yín?"

"Èmi kọ́ ni? Àbí o ò mọ ìyá rẹ mọ́ ni?"

"Màmá, mi ò rí ojú kankan níbẹ̀ o. Nǹkan pupa kan ni mo rí lórí nǹkan aláwọ̀ aró."

Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ẹjọ́ náà dé. Mo gba fóònù lọ́wọ́ àǹtí mi, mo wo àwòrán náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ bà á lójú dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ tutù, gèlè dúró ṣánṣán. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ó gé e bí ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, bẹ́ẹ̀ inú òbìrìkìtì tó kéré ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni àwọn ènìyàn yóò ti máa wò ó.

Igun mẹ́rin tó ń sọnù

Tí a bá fẹ́ gbé àwòrán sí dípíì, fóònù máa ń ní ká gé e sí onígun mẹ́rin tí ìbú àti òró rẹ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òbìrìkìtì bo onígun mẹ́rin náà, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì pòórá. Ní WhatsApp, ẹni tó bá tẹ dípíì wa láti wò ó dáadáa ṣì lè rí àwọn igun náà, ṣùgbọ́n níbi tí orúkọ àwọn ènìyàn tò sí, róbótó nìkan ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook àti Instagram ṣe ń fi tiwọn hàn. X, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Twitter, lo onígun mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yí sí róbótó ní 2017.

Ohun tí òbìrìkìtì ń gbà lọ́wọ́ wa kò kéré. Bí a bá pín onígun mẹ́rin náà sí ọ̀nà 100, ó ju 21 lọ tó ń bá àwọn igun lọ. Àmọ́ ibi tó ti ń gbà á ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ ká pín gíga òbìrìkìtì náà sí 10. Ní àárín gbùngbùn, fífẹ̀ rẹ̀ pé 10. Tí a bá gòkè títí ó fi ku 2 ká dé òkè, fífẹ̀ rẹ̀ ti di 8. Tó bá ku 1, ó ti di 6. Tó bá ku ìdajì 1, kò ju 4.4 lọ mọ́. Bí a ṣe ń sún mọ́ òkè ni ó ń fún mọ́ wa lọ́rùn, ó sì ń yára ṣe é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá. Ẹni tó ṣí orí sílẹ̀ kò ní ìyọnu púpọ̀, nítorí àtàrí fúnra rẹ̀ rí róbótó, ó sì bá òbìrìkìtì mu. Ṣùgbọ́n ìmúra tiwa, òkè ló ti ń fẹ̀. Gèlè máa ń na ìyẹ́ sọ́tùn-ún sósì lókè iwájú orí. Abetí ajá ní etí méjì tó yọ jáde. Gọ̀bì máa ń ga, á tún wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tí òbìrìkìtì ti há jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni àṣọ orí wa ti ń wá àyè. Ìdí nìyí tí àwòrán tó wọ inú onígun mẹ́rin pẹ́ú fi lè dé inú òbìrìkìtì kí gèlè ti di gígé bí iṣu tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣán lórí.

Ohun tí agbẹ́gilére ti mọ̀

Ìṣòro kejì ni kíkéré. Lójú fóònù, òbìrìkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wa kò ju nǹkan bíi mílímítà 8 lọ. Ìwọ̀n bọ́tìnnì kékeré ara ṣẹ́ẹ̀tì ni. Ara ènìyàn tó dúró ṣánṣán sì gùn tó orí rẹ̀ lọ́nà 7 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá wá rọ gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀ sínú mílímítà 8, orí yóò kù ní nǹkan bíi mílímítà 1. Kò sí ẹni tó lè dá ojú mọ̀ nínú ìyẹn, ìbáà jẹ́ ojú ìyá tó bí i.

Àwọn tó ń gbẹ́ ère ìbejì ti rí irú èyí tipẹ́. Ère kékeré tí ìyá lè gbé dání tàbí kó fi há ìró ni wọ́n ń gbẹ́, wọn kò sì fún orí ní ìdá kan nínú méje bí ó ṣe rí lára ènìyàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gíga ère náà ni orí máa ń gbà, nítorí orí ni olórí, òun ni wọ́n fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ bà lé. Ẹni tó ń gé dípíì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àfi pé ère tirẹ̀ tún kéré sí i. Nítorí náà ó yẹ kó tún fún orí ní àyè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èló ni kó fún un? Fún ẹni tó ṣí orí sílẹ̀, ẹ padà sí ìpín 10 wa. Ẹ fi àyè tó ju 1 lọ díẹ̀ sílẹ̀ lókè irun. Ẹ jẹ́ kí àgbọ̀n dúró láàárín 7 àti 8 láti òkè. Ojú méjèèjì yóò wá bọ́ sí nǹkan bíi 4 àbọ̀, ìyẹn lókè àárín díẹ̀. Ohun tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ti ọrùn àti èjìká, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n dù ú. Àwòrán tí a gé lọ́rùn máa ń dà bí orí tí wọ́n gbé sórí àwo. Èjìká tó tẹ́ lọ dé bèbè òbìrìkìtì lọ́tùn-ún àti lósì ló ń jẹ́ kí orí rí ibi jókòó.

Àwọn kan tún máa ń gbé ojú sí òkè pátápátá, kí àwòrán ọrùn aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lè hàn. Ẹ rántí ọpọ́n Ifá róbótó. Lára bèbè ni agbẹ́gilére ń gbẹ́ ojú sí, nítorí ó fẹ́ kí àárín ṣófo fún ìyẹ̀rosùn. Dípíì kò ní ìyẹ̀rosùn kankan tó fẹ́ gbà. Àárín rẹ̀ gan-an ni ilé ojú.

Ìgé mẹ́ta tí a gé àwòrán àǹtí mi

Àwòrán tí ayàwòrán fún àǹtí mi jẹ́ èyí tó dúró lóòró, láti òkè gèlè dé ìsàlẹ̀ itan. Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká pín in bí ìwé ìṣirò: ìbú rẹ̀ jẹ́ 30, gíga rẹ̀ jẹ́ 40. Téńté gèlè wà ní ìlà 7 láti òkè. Gèlè náà fẹ̀ jù lọ ní ìlà 9 àbọ̀, níbi tó ti fẹ̀ tó 9. Àgbọ̀n wà ní ìlà 17. Ojú fúnra rẹ̀, láti ibi tí gèlè parí sí níwájú orí títí dé àgbọ̀n, gùn ní 5 àbọ̀.

Ìgé kìíní ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ gé. Ó lo gbogbo ìbú àwòrán, ó ní onígun mẹ́rin 30 sí 30, ó sì fà á sísàlẹ̀ kí báàgì ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé. Ojú tó gùn ní 5 àbọ̀ nínú 30 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Nínú òbìrìkìtì mílímítà 8, ojú náà di mílímítà 1 àbọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò purọ́: gèlè pupa àti léèsì aláwọ̀ aró nìkan ló hàn.

Mo ní kí ó gé e sínú sí i. Ìgé kejì bọ́ sódì kejì. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí téńté gèlè fi kan òkè férémù, tí àgbọ̀n sì kan ìsàlẹ̀, ìyẹn onígun mẹ́rin 10 sí 10. Nínú férémù, gbogbo rẹ̀ pé, inú rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí a fi ṣe dípíì, òbìrìkìtì ti ré ìyẹ́ gèlè méjèèjì. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ní ìdajì ilé kan péré sísàlẹ̀ téńté, gèlè ti fẹ̀ tó 6, ṣùgbọ́n òbìrìkìtì kò ju 4.4 lọ níbẹ̀. Nísàlẹ̀, àgbọ̀n jókòó lórí bèbè láìsí ọrùn, láìsí èjìká. Ojú tóbi lóòótọ́, àmọ́ ó dà bí ẹni tó ń yọjú láti ojú ihò.

Ìgé kẹta la fi gbà á. A dín fífẹ̀ ìka kù títí onígun mẹ́rin fi jẹ́ 13 sí 13. A jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 6, tí àyè ilé kan fi wà lókè gèlè, a sì jẹ́ kó parí sí ìlà 19, tí ilé 2 fi wà fún ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ èjìká. Ní ìlà 9 àbọ̀ tí gèlè ti fẹ̀ tó 9, òbìrìkìtì fẹ̀ ju 11 lọ. Nítòsí téńté tí gèlè ti fẹ̀ tó 6, òbìrìkìtì lé ní 8. Àyè wà níbi gbogbo. Ojú wá gba ìdá 42 nínú 100, ó lé ní mílímítà 3 lójú fóònù, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú ìgé yìí, ojú méjèèjì bọ́ sísàlẹ̀ àárín díẹ̀, kì í ṣe lókè àárín bíi ti ẹni tó ṣí orí sílẹ̀. Kò burú. Ẹni tó wé gèlè, gèlè ti di ara orí rẹ̀, àròpọ̀ méjèèjì ni ká wọ̀n sí àárín. Ní ti ọ̀tún àti òsì, imú ni ká fi ṣe òpó àárín. Bí ìyẹ́ gèlè kan bá gùn ju èkejì lọ, tàbí tí gọ̀bì wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a lè sún imú kúrò láàárín díẹ̀ kí apá tó gùn lè wọlé, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀. Tí a bá ti ń rí i pé a ní láti sún un púpọ̀, ó túmọ̀ sí pé férémù ti há jù, ká fẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀.

Nígbà tí àwòrán bá ti há tẹ́lẹ̀

Àwọn mìíràn, fótò pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń gbé sí dípíì, torí pé ojú tóbi dáadáa nínú rẹ̀. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Òfin fótò ìwé ìrìnnà jákèjádò ayé ní kí ojú gba 70 sí 80 nínú 100 gíga àwòrán, ìwọ̀n fótò tó sì wọ́pọ̀ jẹ́ mílímítà 35 ní ìbú, 45 ní gíga. Ojú nìkan lè tó mílímítà 32 sí 36 nígbà náà. Nígbà tí fóònù bá wá gé e sí onígun mẹ́rin mílímítà 35, ojú ti kún férémù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òbìrìkìtì á wá ré irun lókè, á ré àgbọ̀n nísàlẹ̀. Ìgé kejì àǹtí mi náà ló tún padà wá yẹn.

A kò lè gé àwòrán kí ó fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ, ṣùgbọ́n a lè fi àyè kún un. Ẹ gbé fótò náà sáàárín ojú ewé kan tó jẹ́ onígun mẹ́rin nínú áàpù tí ẹ fi ń tún àwòrán ṣe, kí ojú ewé náà ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn fótò, kí ẹsẹ̀ fótò sì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí èjìká má baà lé lófuurufú. Tí gbogbo rẹ̀ bá fẹ̀ tó mílímítà 55, ojú yóò di nǹkan bíi ìdá 6 nínú 10. Ẹ̀yìn fótò pásípọ́ọ̀tù sábà máa ń jẹ́ funfun, nítorí náà oríkèé rẹ̀ kì í hàn lókè. Àmọ́ níbi tí èjìká ti gùn dé etí fótò, ẹ wò ó bóyá gígé rẹ̀ hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá hàn, fótò tuntun ló kù.

Àwọ̀ funfun yẹn tún ní àléébù kan. Lójú fóònù tí ojú rẹ̀ funfun, bèbè òbìrìkìtì máa ń pòórá, orí á wá dà bí ohun tó ń fò káàkiri láìsí ilé. Ẹ̀yìn dúdú kirikiri máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó yí fóònù wọn sí dúdú lálẹ́. Àwọ̀ tó wà láàárín, bí eérú, ewé, tàbí ògiri alámọ̀, ló ń dúró níbi méjèèjì. Kí àwọ̀ ẹ̀yìn má sì bá gèlè dọ́gba: gèlè pupa níwájú kọ́tìnnì pupa, kò sí ẹni tó máa mọ ibi tí orí parí sí.

Bí a bá ń ya tuntun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n bá gbọ́ pé kí ojú tóbi, kámẹ́rà ni wọ́n máa ń sún mọ́. Ẹ má ṣe é. Tí kámẹ́rà bá wà ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ojú, imú sún mọ́ ọn ju etí lọ gidigidi, nítorí náà imú á wú, etí á sì sá sẹ́yìn. Kí ẹlòmíràn bá yín yà á láti nǹkan bíi mítà 1 àbọ̀ sí 2, kí kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ yí orí ká ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìgé ni kí ẹ fi mú ojú tóbi, kì í ṣe sísún mọ́.

Fóònù òde òní ní àyè tó pọ̀ fún gígé bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó kún ìgé kẹta àǹtí mi kò tó ìdá kan nínú méje gbogbo fótò náà, síbẹ̀ ó mọ́ kedere, nítorí ohun tí àwọn áàpù wọ̀nyí ń béèrè kò pọ̀. X, fún àpẹẹrẹ, ní kí àwòrán jẹ́ 400 sí 400 péré. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí a gé àwòrán tí WhatsApp ti fún pọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ ní kí ayàwòrán yín fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ "Document", èyí ló ń jẹ́ kí ó dé bó ṣe wà.

Tọkọtaya tó fẹ́ jọ wà nínú dípíì kan náà, kí wọ́n fi orí kan orí. Àlàfo tó bá wà láàárín orí méjì, ojú méjèèjì ló ń jẹ ẹ́. Àwòrán ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí tó ju ènìyàn mẹ́ta lọ kò lè wọ inú mílímítà 8, ká má tan ara wa.

Ìdánwò kí a tó fi í sílẹ̀

Tí ojú ewé tí ẹ ti ń gé àwòrán bá fi onígun mẹ́rin nìkan hàn, ẹ mú ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ojú fóònù, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ dé férémù náà. Ohun tó bá yọ síta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa lọ. Tí gèlè bá wà nínú rẹ̀, ẹ fẹ̀ férémù síta. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: lórí Facebook, ibẹ̀ ni àmì tútù tó ń sọ pé ènìyàn wà lórí ìlà máa ń jókòó sí, ẹ má fi ohun tó ṣe pàtàkì síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí dípíì, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ láti wò ó ńlá. Ẹ yá fóònù ẹni tó ní nọ́ńbà yín, ẹ na apá tó gbé e dání tán, kí ẹ wá wo ibi tí orúkọ tò sí. Bí ẹ bá lè rí ojú méjì àti ẹnu láìfún ojú yín pọ̀, ó ti tó. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ aṣọ lẹ kọ́kọ́ rí, ẹ padà lọ gé e sínú.

Ohun tí èmi àti àǹtí mi ṣe nìyí ní ọjọ́ Àìkú náà. Nígbà tí ìgé kẹta gòkè, ó na apá, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín rẹ̀ dín kù.

"Báàgì mi dà?"

Mo ní kí wọ́n gbé gbogbo àwòrán sí "Status", ibẹ̀ ni báàgì yóò ti rí àyè. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò tẹ́ wọn lọ́rùn tán. Kò pẹ́ tí fóònù dún, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ló tún pè.

"Màmá, mo ti rí yín báyìí o. Ojú yín ń dán. Ẹ ò sọ fún mi pé gèlè yẹn gún tó bẹ́ẹ̀."

Àǹtí mi yí sí mi lójú, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kò tilẹ̀ béèrè báàgì."